Lẹ́tà méjì lórí òrùlé kan tó ń jò: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ìkòròdú

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòròdú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ayálégbé tọ́rọ̀ kàn jẹ́ obìnrin kan tó ń ta aṣọ, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ni wọ́n ń gbé fúláàtì òkè. Ọdọọdún ló ń san owó ilé, kò sì jẹ gbèsè rí. Bàbá onílé ti fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú Òde ni wọ́n ń gbé. Ọmọ wọn ọkùnrin ló ń gba owó ilé, kíátékà kan sì ń gbé nísàlẹ̀. Lẹ́tà méjì ni obìnrin yìí kọ lórí òrùlé kan ṣoṣo. Èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde nílé, èkejì ló mú kí wọ́n tún òrùlé ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló mú kí ó tọ́ láti kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó máa ń bá ènìyàn kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù karùn-ún ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí yàrá ẹ̀yìn. Àbàwọ́n kan hàn ní sílìn, ó pọ́n bí omi tíì, ó sì ń fẹ̀ sí i bí òjò ti ń rọ̀. Obìnrin náà pe ọmọ onílé lórí fóònù, ọmọ onílé ní àwọn á rán ènìyàn wá. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kíátékà mú káfíńtà kan wá. Káfíńtà gun òrùlé, ó fi bítúmẹ́nì lẹ orí àwọn ìṣó tó wà lókè yàrá náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba owó rẹ̀ lọ. Òjò ńlá tó tẹ̀ lé e tún jò wọlé gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Káfíńtà yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé “ilé ń jò”, òun náà sì ṣe ohun tí gbogbo káfíńtà kọ́kọ́ máa ń ṣe. Rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ìṣó páànù máa ń gbẹ nínú oòrùn, ó máa ń là, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n jíjò ìṣó ní àmì tirẹ̀: bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán, bí òjò bá sì dá, kò ní pẹ́ tí òun náà á fi dá. Tó bá jẹ́ pé kìkì ìgbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ òjò láti apá kan ló ń jò, ojúùpàdé páànù àti ògiri ni kí a lọ wò. Ti yàrá yìí yàtọ̀ sí méjèèjì. Òjò á ti rọ̀ tó bí ìdajì wákàtí kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán, á sì máa kán lọ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Omi tó dúró síbì kan lókè ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn, òun ló kúkú ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í, òun náà ò sì mọ̀ pé ó já mọ́ nǹkan.

Ní ìparí oṣù kẹfà, nígbà tí omi ti ba bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ jẹ́, ó ní kí aládùúgbò kan bá òun kọ lẹ́tà. Àkọlé lẹ́tà náà ni “Ìkìlọ̀ ìkẹyìn”. Ó sọ pé onílé kò bìkítà, pé owó nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbà, pé kí wọ́n san gbogbo ohun tó bàjẹ́, pé òun kò sì ní san kọ́bọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi tún ilé ṣe. Kò sí yàrá tó ń jò nínú rẹ̀, kò sí ọjọ́, kò sí ohun pàtó tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, àfi “kí ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i”. Ọmọ onílé ka lẹ́tà náà, ó sì pè é ní alẹ́ ọjọ́ yẹn pé kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí oṣù keje tó parí.

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ òrùlé mọ́. Owó ilé àti ìwà ló kù tí wọ́n ń jà lé lórí, àwọn méjèèjì sì ti sọ ohun tí òfin kò tì lẹ́yìn. Òfin Ilé Yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, nítorí náà ọ̀rọ̀ fóònù kò lè lé e jáde láàárín oṣù kan. Ṣùgbọ́n ayálégbé tó bá dá owó ilé dúró, òun ló máa di ajẹgbèsè níwájú adájọ́, òrùlé ìbáà máa jò bí ajere. Ẹ̀sùn tí onílé kò ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó ń gbé fún un.

Ìgbà yìí ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ lẹ́tà kíkọ fún ayálégbé. Ìwé àdéhùn ni ẹni náà kọ́kọ́ béèrè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí apá kẹjọ òfin ọdún 2011, tó ní kí onílé máa tún ìta ilé àti àwọn ibi àjùmọ̀lò ṣe, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé àfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Bí àdéhùn bá ti gbé òrùlé lé ayálégbé lọ́rùn, lẹ́tà mìíràn pátápátá ni a óò kọ. Nínú àdéhùn yìí, ọ̀dà inú ilé, kọ́kọ́rọ́, gílóòbù àti ẹ̀rọ omi ló wà lọ́rùn ayálégbé. Kò dárúkọ òrùlé. Ó sì ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn kọ ọ́ sí onílé fúnra wọn.

Nínú òfin kan náà, apá keje ní kí ayálégbé tètè fi tó onílé létí bí ìbàjẹ́ ńlá bá ṣẹlẹ̀ sí ara ilé. Gbólóhùn yìí wúlò fún irú lẹ́tà yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà nípa òrùlé kò gbéjà ko onílé, ojúṣe rẹ̀ ló ń ṣe. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ohùn lẹ́tà á tọ́ fúnra rẹ̀, kò ní le jù, kò sì ní dà bí ẹni ń tọrọ.

Kí wọ́n tó kọ ohunkóhun, akọ̀wé náà ní kí obìnrin náà ṣọ́ òjò méjì, kó kọ aago tí òjò bẹ̀rẹ̀ àti aago tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Lẹ́yìn òjò kejì, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba àyè lọ́wọ́ aládùúgbò láti gun orí ibi tí táǹkì omi rẹ̀ wà, ó sì ya fọ́tò òrùlé láti ibẹ̀. Ògiri kékeré kan ni wọ́n mọ yí òrùlé náà ká, gọ́tà kọnkéré sì wà láàárín ògiri náà àti etí páànù. Fọ́tò fi hàn pé omi ṣì dúró nínú gọ́tà, ewé máńgòrò sì bo ẹnu ihò tó yẹ kí omi gbà lọ. Omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí páànù. Fọ́tò kan yìí ló yí ọ̀rọ̀ padà. Lẹ́tà kejì nìyí, a yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò nínú rẹ̀:

Fúláàtì òkè, Ìkòròdú.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje.

Bàbá wa,

ÒRÙLÉ TÓ Ń JÒ SÍ YÀRÁ Ẹ̀YÌN, FÚLÁÀTÌ ÒKÈ

Ẹ kú àtijọ́, sà. Ara yín á le o. Lẹ́tà tí mo kọ lóṣù tó kọjá le jù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Mo gba ohun tí mo sọ nípa owó ilé padà. Màá san owó ilé mi nínú oṣù kẹsàn-án nígbà tó bá tó, bí mo ti ń san án.

Mo ń kọ èyí láti fi tó yín létí pé omi òjò ń wọ yàrá ẹ̀yìn láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún. Káfíńtà tí ẹ rán wá ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà fi bítúmẹ́nì sí orí ìṣó, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dá a dúró. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje, òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó sì ń kán títí di aago méje bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti dá láago mẹ́fà kù díẹ̀. Bákan náà ló rí ní ọjọ́ karùn-ún. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kún nígbà méjèèjì. Àbàwọ́n sílìn ti fẹ̀ tó mítà kan, omi sì ti ń gba ara ògiri lọ sí apá ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà. Mo ti pa fíúsì yàrá náà, a kò sùn níbẹ̀ mọ́.

Fọ́tò mẹ́rin wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo ìkẹrin dáadáa: omi dúró nínú gọ́tà òrùlé, ewé sì dí ẹnu ihò rẹ̀. Èmi kì í ṣe káfíńtà, ṣùgbọ́n mo rò pé ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé:
kí kíátékà kó ewé kúrò lẹ́nu ihò gọ́tà, kó tó di ọjọ́ kejìlá oṣù yìí;
kí ẹ rán ẹni tó mọ òrùlé wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì sọ fún mi ohun tí ẹ pinnu, kó tó di ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí;
kí àtúnṣe parí kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi, kí òjò oṣù kẹsàn-án má baà bá wa.

Mo máa ń wà nílé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àti láago méje àárọ̀ ní àwọn ọjọ́ yòókù. Bí wọ́n bá fẹ́ wá ní àsìkò mìíràn, kí wọ́n pè mí ṣáájú, màá ṣí ilé.

Àdéhùn wa kò fi òrùlé sí ọwọ́ ayálégbé, òfin ìpínlẹ̀ wa sì fi àtúnṣe ìta ilé sí ọwọ́ onílé. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kí ilé yín bàjẹ́. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ kejìlélógún, màá bẹ ilé ìlàjà ìjọba kí wọ́n bá wa dá sí i, ṣùgbọ́n ó wù mí kí a parí rẹ̀ láàárín ara wa.

Ẹ ṣeun, sà.

Ọmọ yín,
Ayálégbé fúláàtì òkè.

Ìlà mélòó kan níbẹ̀ tó yẹ kí a dúró lé lórí. Èkíní ni gbígbà tó gba ọ̀rọ̀ owó ilé padà. Bí kò bá sí i, kò sí bí onílé á ṣe ka ìyókù láìbínú. Ẹ sì wò ó pé kò gba ẹ̀sùn òrùlé padà. Ohùn rẹ̀ ló tọrọ àforíjì lé lórí, kì í ṣe ọ̀ràn náà. Ọ̀rọ̀ òfin kò ju gbólóhùn kan lọ, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀bẹ̀ ló sì wà. Oṣù mẹ́fà tí òfin fi dáàbò bò ó kò sí nínú lẹ́tà rárá, nítorí kò sẹ́ni tó tíì fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Tí a bá ń dáhùn ohun tí wọn kò tíì kọ sílẹ̀, àwa la ń rán wọn létí rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó pín ohun tó ń béèrè sí mẹ́ta, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìdí. Onílé tí a bá ní kó tún òrùlé ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù keje á dáhùn pé káfíńtà kò lè gun páànù tútù, òtítọ́ ló sì sọ. Kíkó ewé kúrò kò ná ẹnikẹ́ni lówó, ó sì ṣeé ṣe lọ́la. Iṣẹ́ kọnkéré àti páànù nílò ọjọ́ gbígbẹ, ní ìhà gúúsù Nàìjíríà níbí sì rèé, ìgbà díẹ̀ tí òjò máa ń sinmi nínú oṣù kẹjọ ni àyè tó wà kí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tó dé. Ọjọ́ tí onílé bá lè rí ìdí rẹ̀ kì í bí i nínú.

Ẹ̀dà méjì ni wọ́n tẹ̀. Ọmọ ìyá obìnrin náà kan tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú Òde gbé e lọ, Bàbá sì fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì, wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọ onílé náà lórí Wásáàpù ní ọjọ́ kan náà, kí ó má baà rò pé wọ́n fò ó.

Àṣé Bàbá kò rí fọ́tò kankan rí. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ìṣó kan ló ń jò, pé wọ́n ti tún un ṣe, pé ayálégbé ń wá ẹjọ́. Wọ́n pe kíátékà lójú ẹsẹ̀. Ó kó ewé kúrò ní ọjọ́ kejì, nígbà tí òjò sì rọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, omi tó kán kò kún ife. Kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti hàn sí gbogbo wọn pé gọ́tà ni, kì í ṣe ìṣó.

Ọmọ onílé àti ẹni tó ń ṣe òrùlé wá kí ọjọ́ kejìlélógún tó pé. Ihò kan ṣoṣo ni gọ́tà ẹ̀yìn ní, páìpù onínṣì méjì ló sì wà níbẹ̀. Ewé díẹ̀ ti tó láti dí i. Nígbà tí omi bá kún, á gba abẹ́ etí páànù wọlé. Iṣẹ́ tó dá lábàá ni páìpù onínṣì mẹ́rin, ihò kejì nínú ògiri kékeré náà tí omi á gbà jáde bí èkíní bá dí, àti rọ́bà oníbítúmẹ́nì tí wọ́n ń fi iná lẹ̀, láti tẹ́ sí inú gọ́tà kí ó sì gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ihò kejì yìí gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju etí páànù lọ. Bí wọ́n bá fi í sókè jù bẹ́ẹ̀, omi á ti wọ ilé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ bíríkìlà ló máa ń fi í síbi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Owó iṣẹ́ àti ohun èlò jẹ́ ₦285,000. Bàbá ní àwọn kò ní i lọ́wọ́, kí ayálégbé san án, kí ó yọ ọ́ nínú owó ilé oṣù kẹsàn-án. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́ dára ti máa ń dà rú. Ayálégbé á san án lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, nígbà tó bá sì di ọjọ́ owó ilé, ẹni tó ń gbowó á ní owó kò pé. Obìnrin yìí gbà, ṣùgbọ́n ó kọ ìwé ojú kan: iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, iye rẹ̀, pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá iye náà láìjẹ́ pé onílé tún fọwọ́ sí i, pé rìsíìtì á wà, àti iye owó ilé tó máa kù lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́. Bàbá, ọmọ wọn àti òun fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó ra símẹ́ǹtì.

Wọn kò san gbogbo owó tán lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá wà nílẹ̀ di ẹ̀yìn ìdánwò. Wọ́n fi àkísà dí páìpù ńlá, wọ́n rọ omi kún gọ́tà títí ó fi ń gba ihò kejì jáde, wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì, wọ́n sì gbé tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ páànù. Igun kan tutù. Wọn kò jẹ́ kí rọ́bà gun ògiri tó níbẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún omi rọ, ó gbẹ, wọ́n gba owó tó kù. Ká ní òjò oṣù kẹsàn-án ni wọ́n dúró dè láti dán an wò, owó á ti tán lọ́wọ́ wọn, ẹni tó ṣe é á sì ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Yàrá náà gbẹ ní gbogbo oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Onílé san owó páálí sílìn tuntun, ayálégbé kùn ún. Bẹ́ẹ̀dì tó bàjẹ́, kò sẹ́ni tó san án padà. Lẹ́tà kejì kò béèrè rẹ̀, ìpinnu obìnrin náà fúnra rẹ̀ sì ni: ó fẹ́ òrùlé ju bẹ́ẹ̀dì lọ, kò sì fẹ́ fi méjèèjì sínú lẹ́tà kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì àti fọ́tò, kí ó sì kọ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìn àtúnṣe.

Fún àwọn tó ń bá ènìyàn kọ irú lẹ́tà yìí, ìbéèrè tó yẹ kí ó ṣáájú ni àsìkò tí omi ń kán: ṣé bí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀, àbí ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá kan? Ibi tó ń kán sí kò tó, nítorí omi lè rìn lórí igi òrùlé jìnnà kó tó jábọ́. Ẹ má sì fi òfin ọdún 2011 yìí kọ lẹ́tà fún ilé tó wà ní Apápá, Íkòyí, Fikitóríà Áílàǹdì tàbí àdúgbò GRA ní Ìkẹjà, nítorí òfin náà yọ wọ́n sílẹ̀. Àdéhùn ni ẹ ó gbára lé níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́ ní òfin tiwọn.

Bí onílé kò bá dáhùn, kí ayálégbé kọ lẹ́tà kejì tó kúrú, tó kàn dárúkọ ọjọ́ ti àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tó ti kọjá, kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìlàjà ìjọba Èkó, tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹjọ́ wá. Ẹ̀dà tí onílé fọwọ́ sí, àdéhùn, rìsíìtì owó ilé tó kẹ́yìn àti fọ́tò ni kí ó kó dání. Bí onílé bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ẹ̀dà, kí ó fi lẹ́tà náà rán ilé iṣẹ́ akólẹ́tà, kí ó sì fi ìwé tí wọ́n bá fún un mọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.